Fírísà Lẹ́yìn Tí Iná Ti Lọ Pẹ́: Èwo Ni Kí A Jẹ, Èwo Ni Kí A Dànù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ó ní fírísà, pàápàá èyí gígùn tí a ń ṣí láti òkè, tí àwọn ìyá ilé ń kó ẹran àti ẹja oṣù kan pamọ́ sí. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, kò sí ẹni tí í kọminú. Ṣùgbọ́n bí tírànsífọ́mà àdúgbò bá jó, tí iná kò sì dé fún ọjọ́ 2 tàbí ọjọ́ 3, ìgbà náà ni ìyá ilé yóò ṣí ìdérí fírísà, tí yóò dúró tì í, tí kò ní mọ èyí tí òun ìbá mú àti èyí tí òun ìbá fi sílẹ̀.

Mo ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rí i pé onídàájọ́ 2 ni àwọn ènìyàn wa máa ń pè sí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni imú. Wọn a gbóòórùn ẹran náà, bí kò bá sì rùn, wọn a ní kò tíì bàjẹ́. Èkejì ni iná ààrò. Wọn a ní bí a bá sè é jinná dáadáa, tí a sì fi ata àti àlùbọ́sà sí i, gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ni yóò kú. Àwọn onídàájọ́ méjèèjì yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun 2 ni ó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà: òtútù tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ, àti iye wákàtí tí oúnjẹ náà ti lò láìsí òtútù.

Ìdí Tí Imú Àti Iná Kò Fi Tó

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fírísà ń ṣe. Fírísà kì í pa kòkòrò àìfojúrí. Ó kàn ń fi òtútù kùn wọ́n lóorun ni. Bí òtútù bá ti kúrò, wọn a jí, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láti ibi tí wọ́n dé kí oorun tó kùn wọ́n. Nínú ooru ilé wa, kòkòrò kan lè di méjì láàárín ìdajì wákàtí, kí méjì náà tún di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí wọn yóò fi di àìmọye kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn kòkòrò tí ń mú kí ẹran rùn yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò tí ń mú kí ènìyàn ṣàìsàn. Ẹran lè kún fún irú èkejì yìí, kí àwọ̀ rẹ̀ dára, kí òórùn rẹ̀ má sì yí padà. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá ń rùn, a mọ̀ dájú pé ó ti bàjẹ́; ṣùgbọ́n bí kò bá rùn, èyíinì kò fi hàn pé ó dára. Ẹ má sì ṣe tọ́ ọ wò láé. Ẹni tí ó tọ́ oúnjẹ wò kí ó lè mọ̀ bóyá ó ní oró ti jẹ oró náà kí ó tó mọ̀.

Ní ti iná, òtítọ́ ni pé sísè dáadáa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọn a ti tu oró sínú oúnjẹ kí a tó gbé e kaná. Kòkòrò lè kú sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n oró tí ó fi sílẹ̀ kò ní kú. Ọ̀nà 3 ni èyí fi sábà máa ń bá wa nínú ilé.

Ọ̀kan ni kòkòrò tí ń gbé ní ara wa, ní ihò imú wa àti nínú egbò ọwọ́ wa. Ọwọ́ ni ó fi ń wọ inú oúnjẹ tí a ti sè, bíi mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín àti ọbẹ̀. Bí oúnjẹ náà bá lọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí díẹ̀, yóò tu oró tí sísè kò lè mú kúrò. Èkejì wà nínú ìrẹsì. Èso kòkòrò yìí le débi pé kì í kú nígbà tí a kọ́kọ́ se ìrẹsì. Bí ìrẹsì bá wá wà láìsí òtútù, yóò hù, yóò sì tu oró tirẹ̀ tí gbígbóná kò lè lé lọ. Ẹ̀kẹta ni ti ẹja títùs. Bí ẹja yìí bá yọ́ tí ó sì gbóná, kòkòrò a máa sọ ohun kan nínú ẹran ara rẹ̀ di oró. Sísè, díndín, yíyan àti dídì lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú un kúrò. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, láìpẹ́ ni ojú rẹ̀ yóò máa gbóná, orí yóò máa fọ́ ọ, ara yóò máa yún un, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù kìkì.

Iye Wákàtí Tí Fírísà Lè Dúró

Fírísà tí ó kún dáadáa, tí a kò sì ṣí rárá, lè di òtútù rẹ̀ mú tó wákàtí 48. Èyí tí ó kún dé ìdajì lè di tirẹ̀ mú tó wákàtí 24. Ìdí rẹ̀ ni pé oúnjẹ dídì ni ó ń mú ara rẹ̀ tutù. Bí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n sì fún mọ́ra, wọn a pẹ́ kí wọ́n tó yọ́. Fírísà tí a ń ṣí láti òkè tún sàn ju èyí tí ó ní ilẹ̀kùn níwájú lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kì í fò jáde bí a bá ṣí i lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò wà.

Ẹ kàn má ṣe mú wákàtí 48 yìí bí ẹ̀jẹ́ tí fírísà bá yín jẹ́. Bí yàrá bá gbóná, tí rọ́bà etí ìdérí bá ti gbó, tàbí tí àwọn ọmọ bá ń ṣí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti mú omi tútù, òtútù yóò lọ kí ó tó tó bẹ́ẹ̀. Iye wákàtí ni ó ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín. Oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò kí a tó dá ẹjọ́.

Ìlànà ẹjọ́ náà kò le. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú oúnjẹ, tí ara rẹ̀ lóde sì tutù bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde láti inú fíríìjì, ó ṣeé jẹ, ó sì ṣeé dì padà bí iná bá dé. Ẹni tí ó bá ní tẹmómítà oúnjẹ yóò rí i pé kò ju 4 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́ tán, tí kò sì tutù mọ́ fún ohun tí ó ju wákàtí 2 lọ, ó di dídànù bí ó bá jẹ́ ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí oúnjẹ tí a ti sè. Bí yàrá bá gbóná gan-an bí ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 1 péré ni. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí òtútù rẹ̀ lọ, ẹ kà á sí pé ó ti pẹ́.

Bí A Ti Ṣe É Nínú Ilé Kan Ní Ìbàdàn

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìyá kan ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí. Iná ti lọ ní agogo 9 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sì tíì dé nígbà tí mo débẹ̀ ní agogo 7 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Wákàtí 58 nìyẹn. Fírísà náà kún ju ìdajì lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣí i láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó lóyún wà nílé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 2. Nítorí àwọn méjèèjì yìí ni mo fi le mọ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé aláboyún, ọmọdé àti arúgbó ni oúnjẹ oró ń ṣe léṣe jù lọ.

Mo ní kí wọ́n tẹ́ nílọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní ọ̀nà 2, ọ̀kan fún èyí tí a ó mú, èkejì fún èyí tí a ó dànù. A fọ ọwọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí pé òkè ni ó kọ́kọ́ ń yọ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ bá ni ìdajì páálí ẹja títùs. Ó ti rọ̀ pátápátá, kò sì tutù mọ́. Ìyá náà gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Bàbá wolé-wolé, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò, kò rùn rárá. Ṣé kí n yan án ni, kí n wá fi ata rodo gidi sè é?"

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe òórùn ni mo ń wá. Ẹja yìí ti gbóná, ẹ kò sì lè sọ ìgbà tí ó ti gbóná. Bí oró bá ti wọ inú rẹ̀, ààrò kò ní lè yọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀, nítorí owó ńlá ni ó fi rà á, ṣùgbọ́n a kó o sọ́nà èkejì.

Mọ́ínmọ́ín eléwé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti òde ìnáwó, àti abọ́ ọbẹ̀ kékeré 4. Gbogbo wọn ti yọ́, wọ́n sì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ìyá náà ní òun lè hó ọbẹ̀ náà ní àárọ̀ àti ní alẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà tí kò sí fírísà. Mo dá a lóhùn pé ọbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ni àṣà yẹn wà fún. Kò lè ra ọbẹ̀ tí ó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ sun padà. Ìgò wàrà ọmú kéékèèké 3 tí ọmọ rẹ̀ fún pamọ́ fún ọmọ náà tún wà ní igun kan lókè. Wọ́n ti yọ́ tán, wọn kò sì tutù. Ó dun ìyá ọmọ gan-an, ṣùgbọ́n a dà wọ́n nù. Bí ó bá jẹ́ pé yìnyín ṣì wà nínú wọn ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, inú wa dùn díẹ̀. Odindi adìẹ 2 wà níbẹ̀, ara wọn le, yìnyín sì dì sí ihò inú wọn. Ẹran màlúù ńlá kan tí wọ́n dì pọ̀ sínú nílọ́ọ̀nù rọ̀ díẹ̀ lóde, ṣùgbọ́n ó tutù gan-an. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un, kò sì wọlé ju ìwọ̀n ìka kan lọ kí ó tó kan yìnyín. A mú un. Abọ́ ọbẹ̀ ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí àárín rẹ̀ dì bí òkúta, tí etí rẹ̀ sì tutù. Òun náà kò bàjẹ́. Ẹ ó rí i pé ọbẹ̀ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sè é, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú abọ́ kékeré lókè di dídànù, èyí tí ó wà nínú abọ́ ńlá nísàlẹ̀ sì ṣeé jẹ. Bí ohun kan bá ti tóbi tó ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó yọ́.

Ata lílọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ ṣì ní yìnyín, a mú un. Ègúsí gbígbẹ àti edé gbígbẹ tí wọ́n dì sínú ike olómorí kò fara gbá ohunkóhun, nítorí pé ohun gbígbẹ ni wọ́n, omi kò sì wọ inú wọn. Búrẹ́dì 2 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan wà nínú nílọ́ọ̀nù tí ó dì dáadáa, òun ni a mú. Nílọ́ọ̀nù èkejì ti ya, omi ẹja títùs sì ti kán sí i. A jù ú nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣọ́ omi ẹran àti omi ẹja yìí, nítorí ohun tí ó dára nínú ara rẹ̀ lè tipa rẹ̀ di ohun tí kò ṣeé jẹ mọ́.

Iná kò tíì dé, nítorí náà a kò lè dá àwọn tí a mú padà sínú fírísà kí a sì sọ pé ó parí. Wọ́n se ẹran màlúù ní òwúrọ̀ yẹn gan-an títí tí ó fi jinná dé inú, ọbẹ̀ ńlá náà sì di oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn tí ó hó dáadáa. Wọ́n ra omi dídì, wọ́n sì fi tẹ́ àwọn adìẹ náà sínú kúlà títí di alẹ́, nígbà tí wọ́n sè wọ́n. Ká ní iná ti dé ni, wọ́n lè dì wọ́n padà. Ẹran tí a dì lẹ́ẹ̀kejì kì í dùn bíi ti àkọ́kọ́, ó sì máa ń ro omi jù, ṣùgbọ́n kò ní pa ènìyàn lára bí òtútù kò bá tíì kúrò lára rẹ̀.

Bí Iná Bá Lọ Tí Ó Sì Dé Lẹ́yìn Yín

Èyí ni ó léwu jù. Ẹ ti rìnrìn àjò, iná lọ fún ọjọ́ 3, ó sì dé kí ẹ tó padà. Ẹ ṣí fírísà, gbogbo nǹkan sì le gbagidi. Ẹ ó rò pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ náà ti yọ́, ó ti gbóná, ó sì ti tún dì.

Ọgbọ́n kan wà tí kò náni lówó. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jẹ́ kí ó dì nínú fírísà, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé owó ẹyọ kan lé orí yìnyín náà. Ẹ fi ife náà sílẹ̀ lókè láàárín oúnjẹ, nígbà gbogbo ni kí ó sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé tí owó náà ṣì wà lórí, òtútù kò lọ. Bí ó bá ti rì sí ìsàlẹ̀ ife, tí yìnyín sì bò ó, ẹ mọ̀ pé omi náà ti yọ́ tán nígbà kan. Oúnjẹ tí ó wà lókè pẹ̀lú ife náà ti yọ́ nìyẹn, ẹ kò sì mọ iye wákàtí tí ó lò bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á nù. Bí owó bá dúró láàárín, yíyọ́ náà kò dé ìdí. Kí ẹ yẹ àwọn ohun kéékèèké tí ó wà lókè wò dáadáa, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ bá ń ṣiyèméjì lé lórí kúrò.

Ẹni tí kò fi ife síbẹ̀ lè wo àmì mìíràn. Ṣé omi inú ọ̀rá tí ó dì rògòdò tẹ́lẹ̀ ti wá pẹlẹbẹ, tí ó sì mú àwòrán ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹran ti ṣàn sí ìdí fírísà, tí ó sì dì síbẹ̀? Ṣé àwọn ẹja tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹyọ kan? Bí ẹ bá rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, fírísà náà ti yọ́ lẹ́yìn yín.

Bí A Ó Ti Da Oúnjẹ Náà Nù

Ẹ má ṣe kó o fún aládùúgbò, ẹ má sì fi fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kí ó máa lò ó. Ẹnu tí kò yẹ kí ọmọ yín fi jẹ ẹ́, kò sí ẹnu mìíràn tí ó yẹ fún un. Ẹ dì í sínú nílọ́ọ̀nù 2, kí ẹ so ó pinpin, kí ajá àti ewúrẹ́ má bàa tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ inú fírísà àti rọ́bà etí ìdérí rẹ̀. Ẹ wá po bílíìṣì ìfọṣọ, ṣíbí ìjẹun 1 sínú omi lítà 4, kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, nítorí èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ nínú rẹ̀ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní ilé oògùn, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí omi kò bá dúró nínú rẹ̀, tí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́ tàbí aláboyún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ẹni tí mímí bá ń nira fún lẹ́yìn ẹja títùs.

Kí iná tó tún lọ, ẹ fi omi inú ọ̀rá dí gbogbo àyè tí ó ṣófo nínú fírísà yín, kí ẹ sì kó ẹran àti ẹja sí ìsàlẹ̀, kí búrẹ́dì àti ata wà lókè. Bí iná bá sì ti lọ, ẹ kọ agogo rẹ̀ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Omi mímu tútù ti àwọn ọmọ, inú kúlà ni kí wọ́n ti máa mú un. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.